Fóònù ní òun ti kún: bí ẹ ṣe lè rí àyè láì fọwọ́ kan fọ́tò àti fídíò tí ẹ fẹ́ràn

Àǹtí mi kan tó ń gbé n'Íbàdàn pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kó ọmọ ọmọ wọn jáde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, fóònù yìí ò jẹ́ kí n ká fídíò ọmọ yìí o. Ó ní òun ti kún. Mo ti pa fọ́tò 40 rẹ́ láti àárọ̀, ó ṣì ní òun kún. Èwo ni kí n tún pa báyìí? Ṣé ti ìgbéyàwó ìyá ọmọ ni?"

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má pa nǹkan kan rẹ́ mọ́ títí màá fi dé. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, a jókòó ti fóònù náà bíi wákàtí méjì. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, torí ohun tó ṣe fóònù wọn náà ló ń ṣe ọ̀pọ̀ fóònù Android: kì í ṣe fọ́tò ilé ló kún un.

Kí ni fóònù ń sọ gan-an bó bá ní òun ti kún?

Bí ẹ bá wo páálí fóònù, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì, bíi 2+32. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ GB, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. 2 yẹn ni ráàmù. Ráàmù dà bíi tábìlì tí aránṣọ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, bó bá ti parí, a palẹ̀ rẹ̀ mọ́. 32 ni àyè ìpamọ́. Ìyẹn ni àpótí tí aṣọ ń gbé, fóònù ì báà tàn, ì báà kú. Nígbà tí fóònù bá kọ "Storage space running out", àpótí ló ń wí. Ìdí nìyí tí gbígbá àwọn áàpù tó ṣí sílẹ̀ dànù lójú fóònù, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń ṣe, kò fi yọ nǹkan kan kúrò: tábìlì ni wọ́n ń nù.

A máa ń wọn ohun tó wà nínú àpótí yìí ní MB àti GB. Bíi MB 1,000 ló ń jẹ́ GB 1. Fọ́tò kan tí fóònù yà sábà máa ń gba MB 2 sí 5. Fídíò ni iṣẹ́ wà níbẹ̀: ìṣẹ́jú kan péré, tí fóònù bá ká a ní 1080p, ìyẹn ìwọ̀n tí àwòrán fi ń mọ́ kedere, lè gba MB 100 sí 130. Ìyẹn ni pé fídíò ìṣẹ́jú kan tó bíi fọ́tò 30 sí 40. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa sọ ibi tó yẹ kí ẹ wò àti ibi tí kò yẹ kí ẹ fàkókò ṣòfò sí.

Ta ló wá jẹ àyè náà tán?

A ṣí Settings, a tẹ Storage. Fóònù Àǹtí jẹ́ GB 32. Ètò tó ń darí fóònù fúnra rẹ̀, tí wọ́n kọ ní System, gba 14 nínú rẹ̀. Ìyẹn ò ṣeé yọ, ẹ má wulẹ̀ wò ó. Ó dà bí ilẹ̀ tí ògiri ilé gbà. Áàpù gba 6.2. Fọ́tò àti fídíò tí Àǹtí fọwọ́ ara wọn yà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra fóònù náà, jẹ́ 2.4. Ohun tí wọ́n ti parẹ́ tí kò tíì lọ jẹ́ 1.3. Àwọn fáìlì wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí wọ́n ti dáńlódù jẹ́ 0.6. Àyè tó ṣẹ́ kù ò ju 0.4 lọ.

WhatsApp nìkan ń jókòó sórí 7.1. Ẹ wò ó dáadáa: ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ sí Àǹtí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí Àǹtí fúnra wọn yà. Ẹrù àlejò ló kún inú yàrá, ẹrù onílé ni wọ́n sì fẹ́ kó síta.

Kí ló dé tí fọ́tò 40 tí wọ́n parẹ́ ò fi yọ nǹkan kan?

Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, fọ́tò 40 ní MB 3 ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ju MB 120 lọ, bíi fídíò ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ni. Èkejì ni pé wọn ò tíì kúrò nínú fóònù rárá. Ohun tí ẹ bá parẹ́ nínú Gallery tàbí Google Photos máa ń kọ́kọ́ lọ sínú ibi tí wọ́n ń pè ní Trash tàbí Bin, bí ìgbà tí a ju nǹkan sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tí apẹ̀rẹ̀ náà ṣì wà nínú ilé. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ó sábà máa ń lò níbẹ̀. Nínú Google Photos, èyí tó bá ti ní ẹ̀dà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń lo 60 ọjọ́, èyí tí kò ní ń lo 30.

Èyí jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún Àǹtí. A wọ inú Trash, a mú fọ́tò 40 náà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, a tẹ Restore, gbogbo wọn padà. Ohun tó kù níbẹ̀ jẹ́ fídíò ẹsẹ̀ wọn tí fóònù ṣèèṣì ká nígbà tí wọ́n ń rìn lọ́nà ọjà, àti orin tí wọ́n ká nínú òkùnkùn. A wò wọ́n tán kí a tó da apẹ̀rẹ̀ náà nù. Bó bá ti dà nù, kò ní padà mọ́. Bíi GB 1.2 ló yọ síta, a ò sì tíì fọwọ́ kan ohun kan tó ń gbé inú fóònù gan-an.

Báwo ni a ṣe ń yọ ẹrù àlejò kúrò nínú WhatsApp?

Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ tẹ àmì tótó mẹ́ta tó wà lókè, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Storage and data, lẹ́yìn náà Manage storage. Ojú ewé yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ tó sì ti ń lo WhatsApp fún ọdún mẹ́wàá kò débẹ̀ rí. Ẹ ó rí àpótí kan tí wọ́n kọ "Forwarded many times" sí, èkejì "Larger than 5 MB", lẹ́yìn náà orúkọ àwọn ènìyàn àti gúrúùpù tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, èyí tó jẹ àyè jù ló ṣáájú.

Inú "Forwarded many times" ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyí. WhatsApp kì í fi nǹkan síbẹ̀ àfi tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ènìyàn márùn-ún ó kéré tán kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Fídíò ọmọ ọmọ yín kì í sábà rin ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń rìn bẹ́ẹ̀ ni àdúrà "bí o bá fi èyí ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá", ewé tó ń wo gbogbo àìsàn, àti òṣèlú tó ń jó. Bẹ́ẹ̀ náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó pa á rẹ́, torí ó lè jẹ́ pé ìkéde ìsìnkú ẹbí ti rin kiri gúrúùpù mẹ́fà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

"Larger than 5 MB" gba sùúrù. Níbẹ̀, ìgbéyàwó àti ìranù jọ ń gbé pọ̀ ni. Ẹ sọ fún un kó to èyí tó tóbi jù ṣáájú, kí ẹ wá máa wò wọ́n láti òkè. Nítorí pé fídíò ló ń jẹ àyè, bí ẹ bá wo 30 àkọ́kọ́ nìkan, ẹ ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ti Àǹtí, láti inú àpótí méjèèjì yìí, GB 2.4 lọ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Fídíò ẹbí tó tó GB 0.7 wà láàárín wọn, a sì fi wọ́n sílẹ̀.

Nǹkan kan wà tó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́kún níbí. Fídíò tí ẹ ń rí nínú WhatsApp àti èyí tí ẹ ń rí nínú Gallery lábẹ́ "WhatsApp Video", fáìlì kan ṣoṣo ni. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, yàrá kan ni. Ẹni tó bá rò pé òun ti "ní i nínú Gallery", tó wá pa á rẹ́ nínú WhatsApp tó sì gbà kí ó pa fáìlì rẹ́ lórí fóònù pẹ̀lú, á padà wá bá yàrá òfìfo. Bí ẹ bá pa á rẹ́ láti Gallery náà, àwòrán tó ti ṣú ló máa kù nínú WhatsApp. Ẹ̀dà tòótọ́ ni èyí tí ẹ bá ṣe àdàkọ rẹ̀ sínú fódà mìíràn tàbí sí ibòmíràn.

Ẹ̀dà tí ojú yín kò rí ńkọ́?

Nígbà tí ẹ bá fi fídíò ránṣẹ́ látinú kámẹ́rà yín, WhatsApp máa ń ṣe ẹ̀dà kékeré rẹ̀, ẹ̀dà yẹn ló sì ń fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn tó bá ti fi ránṣẹ́ tán, kì í jù ú nù. Ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú fódà kan tí Gallery kì í fi hàn. Nítorí náà, gbogbo fídíò tí ẹ ti fi ránṣẹ́ rí, ẹ̀ẹ̀mejì ló wà nínú fóònù: ojúlówó nínú kámẹ́rà, àdàkọ nínú fódà yẹn. Bí ẹ bá ní áàpù tó ń jẹ́ Files by Google, ẹ ṣí i, ẹ tẹ Internal storage, kí ẹ wá tẹ̀lé ọ̀nà yìí:

```
Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Media/WhatsApp Video/Sent
```

GB 1.1 la bá níbẹ̀ nínú fóònù Àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ má yára o. Bó bá jẹ́ pé inú WhatsApp fúnra rẹ̀ ni ẹ ti tẹ kámẹ́rà tí ẹ fi ká fídíò, kò sí ojúlówó kankan nínú kámẹ́rà fóònù. Ohun tó wà nínú Sent nìkan ló wà láyé. Báyìí la ṣe mọ̀: a ṣí fídíò kọ̀ọ̀kan, a sì wá èkejì rẹ̀ nínú fódà Camera. Èyí tó ní èkejì, a pa á rẹ́. Méjì kò ní. Ọ̀kan nínú wọn ni ìgbà tí bàbá wọn ń sọ ìtàn oríkì ilé wọn. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìdọ̀tí lọ. A kó méjèèjì sínú fódà Camera, a sì rí GB 1.0 gbà níbẹ̀.

Fódà kan ṣì wà tí wọ́n ń pè ní Databases, ní ẹ̀gbẹ́ Media. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ènìyàn sọ ni WhatsApp ń tọ́jú síbẹ̀, aago méjì òru lójoojúmọ́, ó sì ń fi ti ọjọ́ bíi méje sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Àǹtí jẹ́ GB 0.9. Ẹ lè pa àwọn tó ní ọjọ́ àtijọ́ rẹ́ lórúkọ wọn, kí ẹ fi èyí tí kò ní ọjọ́ àti èyí tó tuntun jù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á tún ti kún padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi ò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí ẹ bá wà lóde ìyàwó tí ẹ nílò àyè kíákíá nìkan ló wúlò fún.

Kí ni ìyàtọ̀ "Clear cache" sí "Clear storage"?

Bí ẹ bá wọ Settings, tí ẹ tẹ Apps, tí ẹ mú áàpù kan, tí ẹ sì tẹ Storage, ẹ ó rí bọ́tìnnì méjì tó jókòó ti ara wọn bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ ìwà wọn ò jọra rárá. "Clear cache" ń da ohun tí áàpù fi sí ẹ̀gbẹ́ kó lè tètè ṣí nù, bíi àwòrán kéékèèké tó ti fi hàn yín lánàá. Kò pa nǹkan yín lára. Áàpù náà á kàn lọ́ra díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tún ṣí i, á sì jẹ dátà díẹ̀. "Clear storage", tí àwọn fóònù kan ń pè ní "Clear data", ń dá áàpù náà padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wọlé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá ènìyàn sọ lọ nìyẹn, àfi bí ẹ bá ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Facebook, TikTok àti Chrome ni wọ́n sábà máa ń ní èyí tó pọ̀. Láti inú àwọn mẹ́ta yìí, GB 1.1 jáde. Bí ẹ bá ń lo Telegram, èyí rọrùn ju gbogbo rẹ̀ lọ: fídíò inú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Telegram fúnra wọn, nítorí náà ẹ lè da ti orí fóònù nù láti Data and Storage, kí ẹ sì tún dáńlódù rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó fi í síbẹ̀ kò bá tíì yọ ọ́.

Nípa àwọn áàpù tí ìpolówó ń sọ pé ó máa gbá fóònù yín mọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n á gba àyè tiwọn náà, kò sì sí ohun tí wọ́n ń ṣe tí Settings àti Files by Google kò lè ṣe.

Ibo ni kí a kó àwọn ojúlówó sí?

Títí di ibí, fọ́tò àti fídíò Àǹtí kan ò kúrò níbi tó wà, a sì ti rí GB 5.7. Ṣùgbọ́n fídíò kámẹ́rà wọn ń pọ̀ sí i, ó sì tọ́ kí nǹkan bẹ́ẹ̀ wà níbi méjì, torí fóònù ń sọnù nínú dáńfó, ó sì ń já sómi.

Mẹ́mọ́rì káàdì ló wọ́n kéré jù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ayédèrú pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n á kọ 256 GB sára rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì ju 8 lọ. Kò ní sọ fún yín pé òun ti kún. Á máa gba fáìlì, á máa fi orúkọ wọn hàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí wọn, wọn ò ní ṣí. Nítorí náà, ẹ má ṣe lo Move fún ohun tó ṣe iyebíye. Copy ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó wọn débẹ̀, ẹ yọ káàdì náà, ẹ dá a padà, ẹ ṣí fídíò mélòó kan látorí rẹ̀, pàápàá àwọn tó débẹ̀ kẹ́yìn, kí ẹ sì wò wọ́n dé òpin. Bí wọ́n bá ń lọ geere, ẹ lè wá pa ti orí fóònù rẹ́. A ra 64 GB fún Àǹtí, a ṣe bẹ́ẹ̀, fídíò GB 1.6 sì kúrò lórí fóònù. Kí a tó pa wọ́n rẹ́, a tún kó wọn sórí kọ̀ǹpútà ọmọ wọn pẹ̀lú wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù.

Ọ̀nà kejì ni Google Photos, tó ń fi ẹ̀dà pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni títí dé GB 15, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni fọ́tò ti ń bá Gmail àti Drive pín 15 yẹn. Bákan náà, kíkó GB 5 gòkè á jẹ dátà GB 5, nítorí náà ẹ wá Wi-Fi.

Ẹ ṣọ́ nǹkan méjì níbẹ̀. Kì í kó fódà WhatsApp àfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín yàn án nínú Backup, lábẹ́ "Back up device folders". Ọ̀pọ̀ ti rò pé gbogbo rẹ̀ ti wà lókè, àṣé ti kámẹ́rà nìkan ló wà níbẹ̀. Èkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹ bá mú fọ́tò kan nínú Google Photos tí ẹ tẹ àmì agolo ìdọ̀tí, á kúrò lórí fóònù, á sì kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Bọ́tìnnì tó ń yọ ti fóònù nìkan, tó sì ń fi ti òkè sílẹ̀, ni "Free up space". Òun nìkan ni kí ẹ lò.

Báwo ni kò ṣe ní tún kún lóṣù tó ń bọ̀?

Nínú WhatsApp kan náà, ní Storage and data, ẹ ó rí "When using mobile data" àti "When connected on Wi-Fi". Ẹ yọ àmì kúrò níwájú Videos nínú méjèèjì. Láti ọjọ́ náà, fídíò tó bá wọlé á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò lè máa wọlé bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò tó nǹkan.

Àǹtí ò kọ́kọ́ fẹ́ gbà. Wọ́n ní báwo làwọn ṣe máa mọ èyí tó dára kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́? Mo ní kí wọ́n máa wo ẹni tó fi ránṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dárúkọ ìyálé kan nínú gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n sì yọ àmì náà fúnra wọn. GB 7.7 ló ṣófo nígbà tí mo dìde, wọ́n sì ti gbé fóònù dúró níwájú ọmọ náà, wọ́n ń ká a bó ṣe ń yán.